Iye ọjà tó yẹ ní rírà lẹ́ẹ̀kan

Iye ọjà tó yẹ ní rírà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń kọ ní EOQ nínú ìwé ìṣirò, ni ìwọ̀n ọjà tí oníṣòwò máa ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí àpapọ̀ ìnáwó méjì fi máa ń kéré jù lọ láàárín ọdún. Ìnáwó àkọ́kọ́ ni èyí tó ń bá ìrìn ọjà kọ̀ọ̀kan rìn, yálà ọjà pọ̀ tàbí kò pọ̀. Èkejì ni owó tí ọjà ń jẹ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Ẹni tó ń rà díẹ̀díẹ̀ ń san owó ọkọ̀ léraléra. Ẹni tó ń rà rẹpẹtẹ ń ti owó rẹ̀ mọ́ sítọ́ọ̀.

Ford Harris, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹnjiníà, ló kọ́kọ́ gbé ìlànà náà jáde ní 1913. R. H. Wilson kọ nípa rẹ̀ ní 1934, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń fi orúkọ Wilson pè é. Ohun tí Harris ń bi ara rẹ̀ ni iye ẹ̀yà ẹ̀rọ tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó tún ẹ̀rọ tò fún iṣẹ́ mìíràn. Ó dára kí èèyàn rántí èyí, torí pé inú ilé-iṣẹ́ ni ìbéèrè náà ti wá, kì í ṣe inú ọjà tí iye owó nǹkan ti ń yí padà.

```
Q = √(2 × D × S ÷ H)
```

Q ni iye tí a ó rà lẹ́ẹ̀kan. D ni iye tí a ń lò lọ́dún, S ni owó ìrìn ọjà kan, H sì ni owó tí ẹyọ kan ń jẹ bó bá wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ká mú oníbúrẹ́dì kan ní Àgbowó, nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn, tó ń lo 1,250 àpò fúláwà lọ́dún, tí àpò kọ̀ọ̀kan wúwo tó 50 kílò. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká sọ pé ₦50,000 ni àpò kan. Ọkọ̀ akẹ́rù, aláàárù tó ń rù ú wọlé àti wàhálà ọjọ́ kan ní ọjà Agbẹni jẹ́ ₦15,000 lápapọ̀. Owó ìpamọ́ jẹ́ ìdá 30 nínú 100 iye àpò náà lọ́dún, ìyẹn ₦15,000. Èlé orí owó ló kó púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ ti sítọ́ọ̀ àti fúláwà tó bàjẹ́. Ìdá 30 yìí kì í ṣe àsọdùn, torí pé ní November 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé tó ń darí èlé yòókù dé 27.5 nínú 100.

Ìṣirò náà fún wa ní 50 àpò. Ìgbà 25 ni yóò lọ sọ́jà lọ́dún, èyí tó jẹ́ ₦375,000. Ní ìpíndọ́gba, àpò 25 ni yóò máa wà nílẹ̀, ìpamọ́ wọn náà sì jẹ́ ₦375,000. Níbi tí ìnáwó méjèèjì ti dọ́gba gan-an ni àpapọ̀ wọn ti kéré jù, ₦750,000.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í tẹnu mọ́ tó ni pé ìṣirò náà kì í bínú sí àṣìṣe kékeré. Bí oníbúrẹ́dì náà bá ń ra 40, àpapọ̀ yóò di ₦768,750, kò tiẹ̀ tó ìdá 3 nínú 100 tó fi lé. Kódà bó bá ń ra 100, ìlọ́po méjì, ₦937,500 ni, ìdá 25 ló fi lé. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá gba 60 àpò dáadáa, kó kó 60. Bó bá sì jẹ́ pé ìrìn kan náà ló fi ń ra ṣúgà, ìwúkàrà àti bọ́tà, kò yẹ kó di gbogbo ₦15,000 náà ru fúláwà nìkan; gbogbo ẹrù ọjọ́ náà ni kó ṣírò pọ̀.

Ibi tí ìlànà náà ti ń já gan-an ni iye owó ọjà. Ó gbà pé ₦50,000 òní ni ₦50,000 ọ̀la. Ká ní ẹni tó ń tà á fún un pè é pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àpò yóò di ₦55,000. Fọ́múlà kò ní ibi tí a ó fi ọ̀rọ̀ yìí sí. Èrò tó bá a mu ni pé ìpamọ́ àpò kan lóṣù kan jẹ́ ₦1,250, èrè tó wà nínú rírà á lónìí sì jẹ́ ₦5,000. Oṣù 4 ni ìpamọ́ yóò fi jẹ èrè náà tán. Gbogbo àpò tí yóò lò láàárín oṣù 4 ló ń pa owó mọ́ fún un bó bá rà á báyìí, ìyẹn bí 416, ó ju ìlọ́po 8 iye tí fọ́múlà sọ lọ.

Bí owó ọjà bá sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìdúró, H fúnra rẹ̀ ni yóò máa yọ́. Bí fúláwà bá ń wọ́n sí i ní ìdá 25 lọ́dún, ìdá 25 yẹn ni àpò tó wà nílẹ̀ ń pa mọ́ fún oníbúrẹ́dì, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ìpamọ́. Nínú ìdá 30, 5 péré ló kù. Bí H bá sún mọ́ òdo, Q á máa ga láìní òpin. Nígbà náà, ohun mìíràn ló ń sọ iye tí èèyàn máa rà. Àkọ́kọ́ ni owó ọwọ́: 416 àpò jẹ́ ₦20.8 mílíọ̀nù, ẹni tó ń ná ₦2.5 mílíọ̀nù nírìn kan kì í sábà ní in nílẹ̀. Ẹni tó bá yá a ní èlé tó ga ju èyí tó fi ṣírò lọ gbọ́dọ̀ tún oṣù 4 náà ṣírò, torí pé yóò dín kù.

Èkejì ni kòkòrò. Nínú ooru, kòkòrò pupa kékeré tó ń jẹ fúláwà lè ti ẹyin di àgbà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tó bá kó àpò jọ gbọ́dọ̀ tò wọ́n sórí pákó kúrò lára ògiri, kó máa lo èyí tó pẹ́ jù ṣáájú, kó sì máa jọ ife kan nínú àpò ìsàlẹ̀ wò. Fúláwà tó ti dì tàbí tó ń rùn kíkan ti sọ fún un pé iye tó rà pọ̀ ju agbára sítọ́ọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni oníbàárà. Ìlànà náà gbà pé títà ọdún kan dọ́gba lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ní Àgbowó, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé, búrẹ́dì á dúró. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní February 14, kò sì parí títí di October 14. Ká ní títà já sí ìdajì nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń ra 50, ìpalára kò pọ̀: iye tó yẹ yóò di bí 35, kì í ṣe 25, torí gbòǹgbò tó wà nínú fọ́múlà, ìnáwó tó sì fi lé kò ju bí ìdá 6 lọ. Ẹni tó ti kó 416 sílẹ̀ nítorí ₦5,000 ni ọ̀rọ̀ kàn. Àpò tó yẹ kó lò tán ní oṣù 4 yóò wà nílẹ̀ fún oṣù 8, èrè orí àpò tó kẹ́yìn yóò ti di àdánù ₦5,000, kòkòrò yóò sì ti bímọ níbẹ̀ ju ìgbà 4 lọ.