Kílò kò yí padà, ara ti yí padà: ohun tí FMI àti FFMI ń fi hàn

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60, tó wọn kílò 64 lẹ́ni ọdún 45. 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56. Tí a bá fi 2.56 pín 64, ó di 25. BMI rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi kílò ara wé gíga. Lẹ́ni ọdún 60, kílò 64 náà ló ṣì wọ̀n, BMI ṣì jẹ́ 25. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò sí ìṣòro. Èmi ò ní tíì sọ bẹ́ẹ̀.

BMI kò mọ ohun tó wà nínú kílò yẹn. Ọ̀rá wà níbẹ̀. Iṣan, egungun, omi àti àwọn ẹ̀yà inú náà wà níbẹ̀. Tí a bá fi 2.56 pín ọ̀rá nìkan, FMI la rí. Tí a bá fi pín gbogbo ìyókù, FFMI nìyẹn. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, BMI ló máa jáde, ẹ̀yin náà á sì fi mọ̀ bóyá ìṣirò yín tọ̀nà.

Ká ní lẹ́ni ọdún 45, ẹ̀rọ sọ pé ìdá 30 nínú 100 ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Ọ̀rá jẹ́ kílò 19.2, ìyókù 44.8. FMI jẹ́ 7.5, FFMI 17.5. Lẹ́ni ọdún 60, ọ̀rá ti di ìdá 42: kílò 26.9, ìyókù 37.1. FMI ti di 10.5, FFMI 14.5. Ìwọ̀n FMI tí wọ́n gbé jáde ní 2009 láti ara àwọn ará Amẹ́ríkà fi 5 sí 9 ṣe déédéé fún obìnrin. Àdéhùn àwọn onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní GLIM sì ka FFMI tó bá kéré sí 15 fún obìnrin, tàbí 17 fún ọkùnrin, sí àmì pé iṣan ti dín kù. Ọ̀rá ti gba ipò iṣan, kílò ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí a ò fi kílò ohun tí kì í ṣe ọ̀rá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká má pín in? Nítorí gíga ni. Kílò 44.8 yẹn, tó fún obìnrin wa ní 17.5, yóò fún obìnrin tó ga ní mítà 1.75 ní 14.6 péré.

Ibi tí FFMI ti ń tan ni jẹ ni omi. Ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń gba iná kékeré kọjá láti ẹsẹ̀ máa ń ka omi tó dúró sára mọ́ ohun tí kì í ṣe ọ̀rá. Tí ẹsẹ̀ obìnrin wa bá wú lẹ́ni ọdún 60 yẹn, tí kílò omi 2 sì wà níbẹ̀, FFMI rẹ̀ lè kà tó 15.3, bí ẹni pé iṣan rẹ̀ pé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun. Tó bá jin, tí kò tètè kún padà, ẹ má gba FFMI yẹn gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí ẹsẹ̀ wíwú náà lọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wú, kó wọ̀n ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun, lórí ẹ̀rọ kan náà nígbà gbogbo.