Ìdí tí wíńdò kì í fi í padà sí àyè rẹ̀ bí láptọ́ọ̀pù bá jí lórí dọ́ọ̀kì

Ká ní akọ̀wé ìṣirò owó kan wà ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìléwọ̀, l'Abẹ́òkúta. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lórí dọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ méjì sì so mọ́ dọ́ọ̀kì náà. Ìṣirò owó oṣù wà lójú mọ́nítọ̀ òsì, ímeèlì wà lójú ti ọ̀tún. Ó lọ jẹun ọ̀sán, ẹ̀rọ sùn. Bó ṣe dé tó tẹ kíbọ́ọ̀dù, gbogbo wíńdò ti há mọ́ra sójú láptọ́ọ̀pù bí èrò inú dáńfó.

Àwọn mọ́nítọ̀ tó so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni Windows 11 ń wò kó tó to wíńdò. Láptọ́ọ̀pù nìkan ní ètò tirẹ̀. Òun pẹ̀lú mọ́nítọ̀ méjì ní òmíràn. Bí wọ́n bá tún pé, tó sì dá wọn mọ̀, á dá wíńdò padà. Dídá wọn mọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà.

EDID tó wà nínú mọ́nítọ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, irú rẹ̀, àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tó ń lo wáyà DisplayPort máa ń pa àmì tó fi hàn pé wọ́n wà níbẹ̀ bí wọ́n bá sùn wọra. Lójú láptọ́ọ̀pù, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fa wáyà yọ. HDMI kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá ń jí, dọ́ọ̀kì á kọ́kọ́ bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀, mọ́nítọ̀ á wá máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí EDID rẹ̀ kò bá tètè dé di àlejò. Bí iná NEPA bá lọ, ó tún burú sí i: bátìrì gbé láptọ́ọ̀pù ró, dọ́ọ̀kì àti mọ́nítọ̀ kú pátápátá. UPS tó gbé àwọn méjèèjì ló wúlò níbẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ lọ sí Settings > System > Display, ká wò ó lábẹ́ Multiple displays bóyá a ti mààkì "Remember window locations based on monitor connection". Lẹ́yìn náà, ká tẹ Identify. Bí nọ́ńbà 2 àti 3 bá ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, mọ́nítọ̀ méjèèjì jọra jù ni, ó sì lè jẹ́ pé EDID wọn kò ní nọ́ńbà tó yàtọ̀. Kí wáyà kọ̀ọ̀kan má kúrò lójú ihò rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá wà láyè rẹ̀, àmọ́ tí wíńdò ṣì há sójú láptọ́ọ̀pù, mọ́nítọ̀ ló pẹ́ kó tó jí. Nínú ètò mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, ká pa oorun wọra náà, ká sì yan ihò wáyà kan pàtó kó má máa wá a kiri.

Ìrántí ibi tí wíńdò wà yìí kò kan áàpù tí a ti pa, tí a sì tún ṣí. Wíńdò tó bá ṣáko lọ, bọ́tìnì Windows, Shift àti ọfà òsì tàbí ọ̀tún ló ń gbé e lọ sójú mọ́nítọ̀ kejì.