Kí gèlè má bàa gé lórí bánà: fọ́tò kan fún ìrísí mẹ́rin

Aláṣọ kan ní Balógun lè fẹ́ kí fọ́tò kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ mẹ́rin: bánà iwájú ìsọ̀, àwòrán onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba fún Instagram, sítórì, àti pósítà gíga tí wọn yóò tẹ̀ ní Ṣómólú. Gèlè ló sábà máa ń tú àṣírí iṣẹ́ náà. Lórí pósítà, ó wé lódindi. Tó bá dórí bánà, ó ti gé láàárín.

Bánà ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 2 jẹ́ 3:1, sítórì jẹ́ 9:16, onígun dọ́gba jẹ́ 1:1, pósítà A3 sì fẹ̀ ní mìlímítà 297, ó ga ní 420. Bánà ló ń jẹ àwòrán lókè àti nísàlẹ̀, sítórì ló ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí a bá gé gbogbo wọn láti àárín, ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjì yìí ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Ká ní ìbú fọ́tò náà jẹ́ píksẹ́lì 4000, gíga rẹ̀ 3000. Sítórì yóò mú gbogbo gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí 1687 péré ni yóò mú nínú ìbú. Bánà yóò mú gbogbo ìbú, yóò sì fi gíga mọ sí 1333. Ibi tí méjèèjì ti pàdé láàárín, 1687 sí 1333, ni ojú àti gèlè gbọ́dọ̀ wà.

Àyè yẹn ṣì máa dín kù. Wọ́n máa ń ṣẹ́ etí bánà, wọ́n á sì lu ihò okùn sí i, nítorí náà ó dára kí ìnṣì 2 ṣófo yí ká. Nínú gíga ìnṣì 24, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 111 lókè, 111 nísàlẹ̀. Ó wá ku 1111. Lórí sítórì 1080 sí 1920, orúkọ ẹni tó gbé e síta máa ń bo òkè, àpótí èsì sì ń bo ìsàlẹ̀. Nǹkan bí píksẹ́lì 250 ni kí ọ̀rọ̀ fi jìnnà sí etí méjèèjì. Ti pósítà yàtọ̀: àwòrán gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí abẹ yóò gé ní mìlímítà 3 yí ká, torí abẹ kì í fi gbogbo ìgbà gún régé, funfun bébà á sì yọjú.

Iye owó àti àdírẹ́sì kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Kí wọ́n wà lọ́tọ̀, kí a tún wọn tò fún ìrísí kọ̀ọ̀kan: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú lórí bánà, lábẹ́ rẹ̀ lórí sítórì.

Ọgbọ́n yìí kò gba ẹni tó dúró láti gèlè dé bàtà. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá wọ inú 1111, kò ní tó ìdajì gíga sítórì, ọnà ara aṣọ òkè á sì kéré jù fún ojú. Fún irú èyí, kí ayàwòrán ya fọ́tò méjì, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú, kí oníbàárà tó bọ́ aṣọ.