Gbogbo owó tó wà ní báǹkì kọ́ ni tiyín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé olùdókòwò fún àwọn tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Tánkẹ̀. Ìwé kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ti ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe tiyín. “Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, alága kí gbogbo èèyàn káàbọ̀, wọ́n jíròrò lórí owó, wọ́n fi àdúrà parí.” Wọ́n jíròrò lórí owó! Èló? Ti ìgbà wo? Ta ló sọ ọ́? Tí ìjà bá dé tán, ọ̀dọ̀ àwa akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ni ẹ máa ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, pé ká bá yín yọ òótọ́ nínú rẹ̀.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí orúkọ àwọn tó wá àti aago tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ ìyẹn, kó má da owó olówó rú. Nọ́ńbà ni tèmi.

Àwọn kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ wọn dára. Orí fóònù ni àwọn onílé-oúnjẹ Ìlọrin ti ń ra èlùbọ́ àti gàrí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti alájàpá Ọ̀mù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí ọjà bá ti dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ilé-iṣẹ́ á yọ náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á san ìyókù fún ọlọ́jà. Nígbà tí wọ́n pe àwọn olùdókòwò jọ ní oṣù kẹrin, olùdásílẹ̀ ní, “A pa mílíọ̀nù 42 láàárín oṣù mẹ́ta.” Ẹni tó ń kọ̀wé kọ ọ́ pé owó tó wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 42 náírà.

Owó tó wọlé kọ́ nìyẹn. Iye ọjà tó gba ọwọ́ wọn kọjá ni. Tiwọn nínú rẹ̀ ni kọmíṣọ̀n, 3,360,000 náírà péré. Ẹni tó kàn ka ìwé náà láì sí ní ìpàdé á rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá ni.

Èyí tó wà ní báǹkì tún le jù ú lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, 4,680,000 náírà ló wà níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta náà, wọ́n ná 5,700,000. Ẹ yọ kọmíṣọ̀n tó wọlé kúrò, 2,340,000 ni wọ́n jẹ nínú owó àwọn olùdókòwò, ìyẹn 780,000 lóṣù. Ẹ fi 780,000 pín owó báǹkì, ẹ ó rí oṣù 6. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́, pé owó tó wà nílẹ̀ á tó ná fún oṣù 6. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé báǹkì àti orúkọ àwọn ọlọ́jà tí wọn ò tíì san owó fún. Nínú 4,680,000 yẹn, 1,560,000 jẹ́ ti àwọn èèyàn Ọ̀mù-Àrán àti Àjàṣẹ́. Ó kàn sùn sí àpamọ́ ilé-iṣẹ́ ni. 3,120,000 ni ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, oṣù 4 ló sì lè gbé wọn. Oṣù méjì gbáko ti bọ́ sọnù nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ nìyí: “Olùdásílẹ̀ sọ pé ọjà mílíọ̀nù 42 náírà kọjá láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta, kọmíṣọ̀n ilé-iṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ 3,360,000, olùṣirò owó kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Owó báǹkì lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta jẹ́ 4,680,000 gẹ́gẹ́ bí ìwé báǹkì tí a so mọ́ èyí; 1,560,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọlọ́jà.” Ohun tí owó náà jẹ́, ọjọ́ tí a kà á dé, ibi tí a ti rí i, ẹni tó sọ ọ́. Kò gba ojú ìwé kan.

Nígbà tí mo ní kí a kọ oṣù 4 sílẹ̀, ọmọbìnrin tó ń bójú tó owó wọn di ọwọ́ mi mú. “Mà, ẹ má kọ ọ́ o. Ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń ṣẹ.” Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó ka ìwé rẹpẹtẹ ní yunifásítì. Owó kì í dúró de kálàmù kó tó tán, ọmọ mi. Olùdókòwò tó gbọ́ ní oṣù kẹrin ṣì lè wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó bá gbọ́ ní oṣù keje, lọ́yà ló máa pè.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi gan-an. Ọ̀rọ̀ Alhaji kan ni. Ní ìpàdé yẹn, Alhaji ní, “Ẹ lọ san gbèsè ìwé ọdọọdún yín. Bí ẹ bá ti ṣe é, Ìnṣá Àlláhù, màá wo bí mo ṣe lè fi mílíọ̀nù 5 kún un kí Iléyá tó dé.” Ìwé tí wọ́n kọ ní: “Alhaji gbà láti fi mílíọ̀nù 5 kún owó kí Iléyá tó dé.” Wọ́n gba òṣìṣẹ́ méjì, wọ́n san owó ọdún kan fún ṣọ́ọ̀bù ìkẹ́rù ní Àjàṣẹ́. Ìwé ọdọọdún tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ máa fi sọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ wà níbi tó wà. Iléyá kọjá. Alhaji ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, wọ́n bá ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nínú Wasáàpù.

Ọkùnrin náà ò ṣèlérí kankan. Ohun tó sọ ni pé òun á wò ó, ó sì fi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò ṣe. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ èèyàn bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kọ àdéhùn tó so mọ́ ọn sínú gbólóhùn kan náà, kì í ṣe nísàlẹ̀ ìwé. Níbi iṣẹ́ tó kàn, ẹ kọ orúkọ ẹni kan àti ọjọ́: ta ló máa lọ san owó ìwé ọdọọdún, ọjọ́ wo ló máa fi rìsíìtì hàn. “Àwọn alákòóso yóò bójú tó o” kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì kọ “a pinnu” sínú rẹ̀ rárá. Ìpàdé ìròyìn fún olùdókòwò kì í ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ olùdarí. Kò lágbára láti pín ìpín ìdókòwò fún ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ olùdarí tí alága fọwọ́ sí ni òfin ilé-iṣẹ́ tọdún 2020 kà sí ẹ̀rí, títí ẹnìkan á fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí owó Alhaji bá máa di ìpín, ẹ kọ pé a ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ lóòótọ́.

Kí ọjọ́ 2 tó pé, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹni tó bá ní àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti fèsì. Àtúnṣe á wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tó tẹ̀lé e. Ẹ má padà lọ yí nọ́ńbà inú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ímeèlì àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí.