Ìwé pípín yàrá fún aṣíwájú ìrìn-àjò

Ìwé pípín yàrá ni àkọsílẹ̀ tí aṣíwájú ìrìn-àjò ń fi ránṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì kí àwọn àlejò rẹ̀ tó dé. Ó ń sọ ẹni tí yóò sùn sí yàrá kọ̀ọ̀kan, irú bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́, àti ohun tí a ní láti pèsè fún un. Kì í ṣe ìwé orúkọ èrò ọkọ̀: tọkọ̀ ń ka orí, èyí ń ka bẹ́ẹ̀dì. Hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń dá ọjọ́ tí ìwé náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, wọ́n lè ta yàrá tí kò lórúkọ fún ẹlòmíràn.

Àwọn tó ń sùn papọ̀

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. "Yàrá ẹni méjì" lè jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńlá kan fún tọkọtaya, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré méjì fún ọ̀rẹ́ méjì. Iye bẹ́ẹ̀dì ni kí aṣíwájú kọ, kó má fi mọ sí iye ènìyàn.

Láàárín Yorùbá, ìṣòro mìíràn wà nínú orúkọ. Ayọ̀délé, Bọ́lá, Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jẹ́ ọkùnrin, wọ́n sì lè jẹ́ obìnrin. Ìpè fóònù pàápàá lè má là á, nítorí "ó" kan náà la ń lò fún takọtabo. Nítorí náà, ìwé gbọ́dọ̀ ní òpó tí a ó kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí. Orúkọ ìdílé náà lè tanni jẹ: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan lè bá bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ṣoṣo nínú yàrá, torí hòtẹ́ẹ̀lì rò pé tọkọtaya ni wọ́n. Orúkọ inú káàdì ìdánimọ̀ ni a ń kọ. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ ń pe ẹnì kan ní Ìyá Ìbejì, ẹni tó wà lẹ́nu kọ́ńtà kò ní rí orúkọ náà lórí káàdì.

Ká ní ẹni 24, aṣíwájú mọ́ wọn, ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sùn ní Oníkàn. Tọkọtaya mẹ́ta gba yàrá 3 oníbẹ́ẹ̀dì ńlá. Ọ̀rẹ́ 10 gba yàrá 5 oníbẹ́ẹ̀dì méjì. Ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 gba yàrá 1 oníbẹ́ẹ̀dì méjì pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àfikún. Bàbá kan tó ń lo àga onítáyà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gba 1 oníbẹ́ẹ̀dì méjì. Ẹni méjì tó fẹ́ dá sùn gba 2, aṣíwájú sì gba 1. Àpapọ̀ jẹ́ yàrá 13. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, a ó ka bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nìkan, wọ́n jẹ́ 18. Bẹ́ẹ̀dì ńlá 3 gba ẹni 6. Gbogbo rẹ̀ di 24. Bí iye yìí kò bá bá ìwé ọkọ̀ mu, a ti kọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí a ti gbàgbé ẹnì kan.

Bí ọ̀rẹ́ kan bá yọwọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹnì kejì rẹ̀ ti di ẹni tó ń dá sùn, owó yàrá rẹ̀ sì lè lé sí i. Kí aṣíwájú bá a sọ ọ́ kó tó tún ìwé kọ. Kí ó kọ ọjọ́ àti aago sí orí ìwé tuntun, kí hòtẹ́ẹ̀lì má bàa máa fi ti àtijọ́ ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì àfikún

Èyí sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀dì àkápọ̀ onítáyà kékeré, tí fífẹ̀ rẹ̀ lè tó nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 90. Kò tó kéèyàn béèrè bóyá hòtẹ́ẹ̀lì ní in. Kí ó béèrè bóyá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣì lè ṣí tí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Kí ó kọ ẹni tí yóò sùn lórí rẹ̀ sílẹ̀: nínú àpẹẹrẹ wa, ọmọ ọdún 9 ni, kì í ṣe ìyá àgbà. Kí ó béèrè pẹ̀lú bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá dúró lórí Third Mainland títí ilẹ̀ fi ṣú lè débẹ̀ kí bẹ́ẹ̀dì àfikún ti tán, bí wọn kò bá ti sọ tẹ́lẹ̀.

Àìní pàtàkì

Ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì máa ṣe ni a ń kọ, a kì í kọ orúkọ àìsàn. "Fíríìjì kékeré fún oògùn" ti tó. Kò sí ìdí tí òṣìṣẹ́ yóò fi mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ni. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀.

Fún bàbá alága onítáyà, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ni kí a ní kí wọ́n wọ̀n, nítorí ó sábà máa ń há ju ti yàrá lọ. Ọ̀pọ̀ àga náà fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 65 sí 70. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ní 80 rọrùn fún wọn. Ìsàlẹ̀ ilé ló dára jù, nítorí bí iná bá lọ, lífíìtì lè dúró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbé e. Bí ìsàlẹ̀ kò bá sí, kí aṣíwájú béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ náà ń gbé lífíìtì rárá. Kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé bàbá náà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pínyà. Bí hòtẹ́ẹ̀lì Oníkàn bá kún, tí wọ́n sì fẹ́ kó yàrá méjì lọ sí Yábà, ti àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ sí lára rẹ̀.