Ìdí tí àgbagbà kò fi ní kóró

Bí ẹ bá la ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n sí méjì, ẹ ó rí àmì dúdú tíntìntín tó tò sí àárín rẹ̀. Kóró ni wọn ì bá jẹ́, wọn ò kàn dàgbà ni. Bákan náà ni ti àgbagbà. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò tó fẹ́ gbin àgbagbà kì í wá kóró kiri. Ọmọ tó hù nídìí ìyá ló ń hú. Ọ̀nà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà pín ló fà á. Ti àkọ́kọ́, máítósísì, rọrùn fún àgbagbà. Ti èkejì, máíósísì, ló ń dà á láàmú.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àbùdá wà. Kírómósómù là ń pè wọ́n. Ènìyàn ní 46, àgbàdo ní 20, méjì-méjì sì ni wọ́n: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àgbagbà ní 33, ìyẹn oríṣi 11 ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fi mẹ́ta-mẹ́ta yẹn sọ́kàn.

Ní máítósísì, kírómósómù kọ̀ọ̀kan á ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, gbogbo wọn á tò sí àárín sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀dà kan á lọ sápá kan, ìkejì á lọ sápá kejì. Kò sí èyí tó ń wá ẹnìkejì. Ní máíósísì, wọ́n á ṣe ẹ̀dà bákan náà, ṣùgbọ́n ti bàbá gbọ́dọ̀ rí ti ìyá kó tó di pé wọ́n pín. Wọ́n á fara mọ́ra, wọ́n á pààrọ̀ ègé ara wọn, wọ́n á sì yà. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì á tún pín lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹ̀dà á wá ya kúrò lára ẹ̀dà.

| | Máítósísì | Máíósísì |
|---|---|---|
| Ibi tó ti ń wáyé | Gbogbo ara: gbòǹgbò, awọ, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ | Ibi tí àtọ̀, ẹyin àti àtíkè òdòdó ti ń wá |
| Iye ìgbà tó ń pín | Ẹ̀ẹ̀kan | Ẹ̀ẹ̀mejì |
| Sẹ́ẹ̀lì tó ń jáde | 2 | 4 |
| Kírómósómù ènìyàn | 46 di 46 | 46 di 23 |
| Ìrísí àbùdá | Bákan náà bíi ti sẹ́ẹ̀lì tó pín | Ó yàtọ̀ síra |
| Ohun tó wà fún | Ìdàgbàsókè, ìwòsàn ọgbẹ́ | Ọmọ bíbí, kóró |

Ní ti ènìyàn, 23 ti bàbá àti 23 ti ìyá ló ń padà di 46. Láìsí ìpín sí ìdajì yìí, iye náà á máa di ìlọ́po méjì ní ìran kọ̀ọ̀kan.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ àgbagbà. Nígbà tí 33 bá dé ibi máítósísì, 33 náà ló ń jáde. Ìdí nìyí tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń dàgbà dáadáa. Ṣùgbọ́n ní máíósísì, níbi tí méjì bá ti rí ara wọn, ẹ̀kẹta á ṣẹ́kù láìní ẹnìkejì, á sì bọ́ sápá tó bá ṣáà bọ́ sí. Sẹ́ẹ̀lì kan á gba ọ̀kan nínú oríṣi kan, òmíràn á gba méjì. Àtíkè àti ẹyin tí iye wọn rí jákujàku báyìí kì í sábà ṣiṣẹ́. Èso ń dàgbà láìjẹ́ pé àtíkè kan ẹyin, ló jẹ́ ká ṣì rí i jẹ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí àgbagbà inú oko bá ti wá láti ara ìyá kan, àbùdá kan náà ni gbogbo wọn ní. Àrùn Sígátókà dúdú, tó máa ń mú ewé jóná kí ìdì tó gbó, bó bá ti lè mú ọ̀kan, yóò mú gbogbo wọn. Máítósísì ò lè bá wa wá àtakò tuntun fún un. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú ilé rẹ̀ wà n'Ìbàdàn, wá gbé àtíkè ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó tí wọ́n ń pè ní Calcutta 4, tó ní kírómósómù 22, sára òdòdó àgbagbà. Kóró díẹ̀ péré ni wọ́n rí. Nínú èyí tó bọ́ sí i, ẹyin àgbagbà kan kò pín sí ìdajì rárá. Gbogbo 33 rẹ̀ ló gbé wá, àtíkè gbé 11 wá, ọmọ sì ní 44. Àṣìṣe máíósísì gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dúró ti àrùn náà.

Ní ti àgbàdo, máíósísì ibẹ̀ kò ní ìṣòro: 20 di 10. Ìdí nìyí tí kóró tí ẹ fi pamọ́ lára àgbàdo tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, tí ẹ rà, fi máa ń hù lọ́dún kejì ní gígùn àti ìdì tó yàtọ̀ síra. Àbùdá ìyá àti bàbá ti tún ara wọn pín. Ẹ ra tuntun bí ẹ bá fẹ́ kó rí bákan náà. Iṣu ò ní ìṣòro yìí, torí ègé iṣu tí ẹ gbìn ò gba ọ̀nà máíósísì kọjá.