Ìdánwò áàpù fún owó kékeré

Ìdánwò áàpù ni iṣẹ́ tí ẹni tí kò bá wọn kọ áàpù ti máa ń lò ó, tí yóò sì máa sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde bó ṣe ń lò ó, kí àwọn tó kọ ọ́ lè rí ibi tó ti ń ṣòro fún ènìyàn. Clayton Lewis ló mú ọ̀nà sísọ èrò jáde yìí wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ IBM, ní ọdún 1982. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ni èyí tí olùdánwò ń dá ṣe nílé, tí ohùn rẹ̀ àti ojú fóònù rẹ̀ ń wọ inú fídíò.

Ìbéèrè tí wọ́n fi ń yan olùdánwò ló ń ṣáájú, bíi ìgbà tí ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jábọ́ sí, wọn kì í sì í sábà sanwó fún un. Kò yẹ kí ènìyàn purọ́ níbẹ̀, torí ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rí yóò hàn kedere nínú fídíò.

Ká ní iṣẹ́ náà sọ pé: “Ra tíkẹ́ẹ̀tì ènìyàn méjì fún ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n má sanwó.” Olùdánwò yan ọjọ́, kò wá rí ibi tí wọ́n ń kọ iye èrò sí. Bó bá dákẹ́ tó ń wá a, tàbí tó kàn ní “ó dára”, fídíò náà kò wúlò. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ ni: “Mò ń wá ibi tí màá ti kọ ènìyàn méjì. Mo rò pé abẹ́ ọjọ́ ló máa wà. Mo tẹ àwòrán ènìyàn yìí, àṣé orúkọ mi ló wà níbẹ̀.” Bí kò bá rí i rárá, kó sọ bẹ́ẹ̀ kó tẹ̀síwájú. Áàpù ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe òun, àìrí yẹn gan-an sì lè jẹ́ ohun tó níye lórí jù nínú fídíò náà.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ohùn tí kò wọlé. Kí ènìyàn gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kó gbọ́ ọ padà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó pa ìró àti àfihàn àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú, torí fídíò ń gba gbogbo ohun tó bá yọ lójú fóònù. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè nọ́ńbà káàdì, èyí tí wọ́n fún un fún ìdánwò ni kó lò, kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ti owó, ohun tí a mọ UserTesting, ìkànnì tó ń fún olùdánwò níṣẹ́, sí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni dọ́là 10 fún ìdánwò nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Owó ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ojúkojú lórí fídíò máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè kì í pọ̀: Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rọrùn láti lò, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ènìyàn márùn-ún tó láti rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìṣòro tó wà nínú lílo nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Nítorí náà iṣẹ́ máa ń tán kíákíá, ẹlòmíràn sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí ẹyọ kan. Owó kì í sábà wọlé lójú ẹsẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá ti wo fídíò. Ibi tó bá sì ní kí olùdánwò kọ́kọ́ sanwó ìforúkọsílẹ̀, kó yẹra fún un.